Láti Fọ́tò Rẹ́jísítà Dé Orí Àtẹ

Nínú rẹ́jísítà tí tíṣà fi ọwọ́ kọ, àròpọ̀ oríṣi méjì ló wà tí àwọn tó ń kó o sórí kọ̀ǹpútà sábà máa ń fò. Ọ̀kan wà ní ìparí ìlà ọmọ kọ̀ọ̀kan, èkejì wà ní ìsàlẹ̀ òpó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á tẹ orúkọ, wọ́n á tẹ àmì, wọ́n á fi àròpọ̀ sílẹ̀ nítorí pé kọ̀ǹpútà lè ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àròpọ̀ tíṣà yẹn gan-an ló máa tọ́ka sí ibi tí ẹ ti ṣi àmì kà, títí dé orí àpótí kan ṣoṣo láàárín àpótí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, láti orí fọ́tò títí dé orí àtẹ, orí rẹ̀ ló dá lé.

Èyí tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni rẹ́jísítà kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí mo bá ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọmọ 31 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a máa wò ni 28 Oṣù Kẹrin sí 2 Oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ọlidé wà láàárín rẹ̀, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, tó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Orúkọ tí ẹ máa rí kì í ṣe ti ọmọ gidi kankan, mo ti pààrọ̀ wọn.

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò tó ṣeé kà

Ẹ gbé rẹ́jísítà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lójú ọ̀sán, kí ẹ má sì tan iná fóònù, nítorí iná yẹn máa ń funfun bọ ojú bíró. Rẹ́jísítà tó nípọn máa ń ga sókè níbi tí wọ́n ti rán an, ibẹ̀ sì ni òpó ọjọ́ Ajé sábà máa ń wà. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òpó náà á fún pọ̀ débi tí ẹ kò fi ní mọ èwo ni àárọ̀, èwo ni ọ̀sán. Ẹ ní kí ẹnì kan bá yín fi rúlà tẹ ẹ̀bá rẹ̀. Ojú ewé kan, fọ́tò kan. Ẹ mú fóònù dúró gangan lókè rẹ̀, kí ìlà òkè ìwé àti ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bákan náà nínú àwòrán. Kí orí òpó tó ní déètì, orúkọ ọmọ tó gbẹ̀yìn, àti àròpọ̀ méjèèjì tí mo sọ wà nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò nídìí ìwé náà, ẹ fẹ fọ́tò yẹn lójú fóònù, kí ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá lè dá igi tí tíṣà fà fún ọmọ tó wá mọ̀ yàtọ̀ sí òdo tó kọ fún ọmọ tí kò wá níbẹ̀, fọ́tò náà dára. Bí ẹ kò bá lè dá a mọ̀, ẹ tún un yà.

Nǹkan méjì ló máa ń ba fọ́tò tó dára jẹ́ lẹ́yìn náà. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí àwòrán lásán: WhatsApp á fún un pọ̀, àmì kéékèèké á sì rí bàìbàì. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document. Èkejì ni pé kí wọ́n sọ ọ́ di dúdú àti funfun nígbà tí wọ́n bá ń fi fóònù ṣe sikáànù. Nínú rẹ́jísítà tiwa yìí, bíró búlúù ni tíṣà fi ń pe orúkọ láàárọ̀, pupa ló fi ń pè é lọ́sàn-án. Àwọ̀ yẹn jẹ́ ara ohun tí a fẹ́ kà.

Ẹ mọ ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan ń sọ

Tíṣà kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Nínú èyí tó wà lọ́wọ́ wa, òpó kékeré méjì ló wà lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ M sórí ọ̀kan, wọ́n kọ A sórí èkejì. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra á rò pé A yìí túmọ̀ sí ẹni tí kò wá. Àárọ̀ ni M, ọ̀sán ni A. Igi tó dagun ni ọmọ tó wá, òdo ni ọmọ tí kò wá.

Àpótí òfìfo ni ó ṣòro jù. Ọjọ́ ọlidé, tíṣà fa ìlà gbọọrọ kan láti òkè délẹ̀, kò sí àmì nínú àpótí kankan. Ọmọ kẹ́yìn nínú ìwé, nọ́ńbà 31, kò ní àmì ní ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun. Ọmọ méjì míì tún ní àpótí òfìfo kọ̀ọ̀kan lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Mo bi tíṣà náà léèrè.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó gbẹ̀yìn yìí, ṣé kò wá ni?”

“Rárá o. Ọjọ́rú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wá forúkọ sílẹ̀. Kò tíì di ọmọ kíláàsì mi nígbà yẹn.”

“Àwọn méjì ti ọjọ́ Ẹtì yìí ńkọ́?”

Ó wò ó títí. “Ó dà bíi pé mo gbàgbé. Mi ò lè sọ ọ́ báyìí.”

Ẹ wo bí òfìfo ṣe di oríṣi mẹ́ta nínú ojú ewé kan ṣoṣo. Bí mo bá ti kọ “kò wá” sí gbogbo wọn, mo ti purọ́ mọ́ ọmọ mẹ́ta, mo sì ti sọ pé gbogbo kíláàsì sá nílé-ìwé lọ́jọ́ ọlidé. Nítorí náà lẹ́tà mẹ́rin ni mo máa ń lò, mi ò sì jẹ́ kí àpótí kankan ṣófo:

W ni ó wá. K ni kò wá, èyí tí mo máa ń kọ kìkì níbi tí mo bá ti rí òdo tí tíṣà fi ọwọ́ rẹ̀ kọ. S ni kò sí ìpè fún ọmọ náà lákòókò yẹn, bóyá nítorí ọlidé ni o, bóyá nítorí pé kò tíì wọ kíláàsì tàbí ó ti kúrò. X ni ohun tí mi ò lè kà tàbí tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ṣe lo àmì ìbéèrè dípò X. Lójú Google Sheets àti Excel, àmì ìbéèrè nínú COUNTIF túmọ̀ sí “lẹ́tà kan èyíkéyìí”, nítorí náà bí ẹ bá ní kó ka àmì ìbéèrè fún yín, gbogbo W àti K ló máa kà mọ́ ọn.

Títẹ̀ ẹ́ sórí ṣíìtì

Ẹ ṣí Google Sheets, kí ẹ sọ ojú ewé náà ní Rejista, láìsí àmì ohùn, nítorí a máa pè é nínú fọ́múlà. Ẹ jẹ́ kó rí bí ìwé ṣe rí: ọmọ kan, ìlà kan. Nọ́ńbà ọmọ wà ní òpó A, orúkọ ní òpó B, àmì ọ̀sẹ̀ náà láti C dé L, ìyẹn òpó mẹ́wàá fún ọjọ́ márùn-ún. Déètì wà ní ìlà kìíní, “àárọ̀” tàbí “ọ̀sán” ní ìlà kejì, ọmọ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kẹta. Nítorí náà ọmọ 31 parí sí ìlà 33. Ẹ kọ déètì sí orí àárọ̀, kí ẹ tún un kọ sí orí ọ̀sán. Bí ẹ bá pa àpótí méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan kó lè dùn ún wò, ti ọ̀sán á ṣófo lójú kọ̀ǹpútà.

Déètì gba ìṣọ́ra. Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí: 2025-04-28. Bí ẹ bá tẹ 28/4/2025 sórí ṣíìtì tí wọ́n tò bí ti Amẹ́ríkà, kò ní mọ̀ ọ́n ní déètì, nítorí kò sí oṣù kejìdínlọ́gbọ̀n, á kàn gbà á bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ lè rí ìyẹn, nítorí á lẹ̀ mọ́ apá òsì àpótí. Èyí tó burú ni 2/5/2025. Á gbà á láìjanpata, á sì sọ ọ́ di ọjọ́ karùn-ún Oṣù Kejì. Ọjọ́ Ẹtì tiwa á fò padà sẹ́yìn lọ bá táàmù kejì, kò sì ní sí ohun tó máa kìlọ̀ fún yín.

Orúkọ, ẹ kọ ọ́ bí tíṣà ṣe kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ rẹ́jísítà ni kò ní àmì ohùn tàbí ìsàmì abẹ́ lẹ́tà, ó sì máa ń wu èèyàn láti tún un ṣe. Ẹ mú sùúrù. “Sola” lè jẹ́ Ṣọlá, ó lè jẹ́ Ṣọ̀la, òbí ọmọ ló mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ dáadáa, ẹ ṣí òpó míì fún un lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè. Ẹ pa àtúnṣe aládàáṣe orí fóònù yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ó máa ń pààrọ̀ orúkọ Yorùbá sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìbéèrè. Nọ́ńbà ọmọ ló máa dúró fún un níbi gbogbo, kì í ṣe orúkọ. Rẹ́jísítà míì wà tó máa ń ka àwọn ọkùnrin láti 1, tó sì tún máa ń ka àwọn obìnrin láti 1. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, nọ́ńbà ìgbaniwọlé ilé-ìwé ni kí ẹ lò.

Fún àmì, ẹni méjì ló yẹ kó jókòó sí i. Ẹnì kan á máa wo fọ́tò, á fi etí ìwé funfun kan sábẹ́ ìlà ọmọ tó ń kà, á sì máa pè é ní méjì-méjì gẹ́gẹ́ bí ọjọ́: “Nọ́ńbà 14, Wale. Wá, wá. Wá, wá. Wá, kò wá. Ọlidé. Wá, wá.” Ẹnì kejì á máa tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá pe Ọjọ́bọ̀ tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò bá sí lórí òpó I, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan ti yẹ̀, ẹ ó tún ìlà yẹn nìkan ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn ètò wà lórí fóònù tó lè ka ọ̀rọ̀ láti inú fọ́tò. Mo ti lò ó fún orúkọ, ó sì dín iṣẹ́ kù díẹ̀. Fún àmì, mi ò gbà á nímọ̀ràn. Á ka igi sí 1 tàbí sí lẹ́tà l, tó bá sì bá àpótí òfìfo pàdé, á fò ó, gbogbo àmì tó kù lórí ìlà náà á sún sí òsì ní àpótí kan, gbogbo rẹ̀ á sì dà bí ohun tó tọ̀nà.

Ẹ fi àròpọ̀ tíṣà wá àṣìṣe yín

Ẹ kọ àròpọ̀ tí tíṣà kọ síwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan sí òpó M. Ní N3, ẹ ní kí ṣíìtì ka W fún yín. Ní O3, ẹ yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, kí ẹ wá fà á dé ìlà 33:

```
=COUNTIF(C3:L3,"W")
=N3-M3
```

Ẹ ṣe bákan náà nísàlẹ̀. Ìlà 34 ni ìkà tiyín, ìlà 35 ni ohun tí tíṣà kọ, ìlà 36 ni ìyàtọ̀ wọn, kí ẹ fà á láti C dé L:

```
=COUNTIF(C3:C33,"W")
=C34-C35
```

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ṣí ilé-ìwé, ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n sì pe orúkọ. Ọmọ tí kò pa ọjọ́ kankan jẹ ní 8. Níbi tí ìyàtọ̀ bá ti jẹ́ òdo, ẹ kọjá lọ. Ibi tí kò bá ti jẹ́ òdo ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ mẹ́ta tó yọ sí wa.

Ọmọ nọ́ńbà 14, tó wà ní ìlà 16, mo ka 7, tíṣà kọ 6. Ìyàtọ̀ 1. Nísàlẹ̀, òpó F, ìyẹn ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ka 27, tíṣà kọ 26. Ìyàtọ̀ 1 náà nìyẹn. Ìlà 16 àti òpó F pàdé ní àpótí kan ṣoṣo, F16. Mo fẹ fọ́tò níbẹ̀, mo sì rí i. Òdo ni tíṣà kọ, ó tín-ínrín, bíró rẹ̀ kò sì yọ dáadáa. Igi pupa tó wà ní ẹ̀yìn ojú ewé náà ló là wá sí iwájú tó gba àárín òdo yẹn kọjá, òun ni mo rí tí mo pè ní “wá”. Mo sọ F16 di K, ìyàtọ̀ méjèèjì di òdo lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ìbejì wà nínú kíláàsì náà, nọ́ńbà 19 àti 20, orúkọ bàbá kan náà. Fún 19, mo ka 5, tíṣà kọ 8. Fún 20, mo ka 8, tíṣà kọ 5. Ìsàlẹ̀ kò ní ìyàtọ̀ kankan ní gbogbo òpó. Bí ìlà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn bá yàtọ̀ ní iye kan náà, tí ọ̀kan lọ sókè tí èkejì lọ sísàlẹ̀, tí òpó sì pé, àmì ẹni kan ni ẹ kọ fún ẹlòmíì. Ìwé tí a fi ń tẹ̀lé ìlà ló yẹ̀, a ka ti Kẹ́hìndé fún Táíwò, a ka ti Táíwò fún Kẹ́hìndé. Ká ní a kò wo àròpọ̀ ni, àkọsílẹ̀ ì bá máa sọ pé Táíwò pa ìgbà mẹ́ta jẹ nígbà tó jẹ́ pé kò fi ìgbà kankan ṣòfò.

Ti ọmọ nọ́ńbà 9 yàtọ̀. Mo ka 6, tíṣà kọ 7, kò sì sí òpó kankan tó yàtọ̀. Mo tún àmì rẹ̀ kà lẹ́ẹ̀mejì, 6 ni. Òpó mẹ́jọ tó pé yẹn ti jẹ́rìí sí àmì, nítorí náà tíṣà ló ṣi ìṣirò ṣe ní ìparí ìlà. Ẹ má yí àmì kankan padà kó lè bá 7 mu. Ẹ fi àmì sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ kọ àlàyé sí òpó P pé àròpọ̀ inú ìwé jẹ́ 7, ìkà jẹ́ 6.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí kò ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí tí ẹ máa pàdé lọ́jọ́ kan: gbogbo ìlà pé, ṣùgbọ́n òpó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yàtọ̀, ọ̀kan fi 1 lé, èkejì fi 1 dín. Ọmọ kan wà tí òdo rẹ̀ ti sún láti àárọ̀ bọ́ sí ọ̀sán. Àròpọ̀ ọmọ náà kò yí padà, ìdí nìyẹn tí ìlà kò fi fura. Ẹ wá ọmọ tó ní W àti K lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú òpó méjèèjì yẹn.

Ohun kan tí ọ̀nà yìí kò lè rí ni àwọn àṣìṣe tó fagi lé ara wọn nínú ìlà àti nínú òpó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gba àpótí mẹ́rin tó yí padà ní igun mẹ́rin kó tó lè ṣẹlẹ̀, nítorí náà kò wọ́pọ̀.

Ẹ tú u sílẹ̀ sí ìlà kọ̀ọ̀kan

Àtẹ tó rí bí ìwé dára fún títẹ̀ àti fún ìṣirò, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ to táàmù kan pọ̀ máa nílò kí àmì kọ̀ọ̀kan dá ìlà tirẹ̀ ní: ta ni, ọjọ́ wo, ìgbà wo, ṣé ó wá. Ẹ ṣí ojú ewé tuntun, kí ẹ fi èyí sí A2:

```
=ARRAYFORMULA(SPLIT(FLATTEN(
Rejista!A3:A33&"|"&Rejista!B3:B33&"|"&
TEXT(Rejista!C1:L1,"yyyy-mm-dd")&"|"&
Rejista!C2:L2&"|"&Rejista!C3:L33),"|"))
```

Á tú jáde ní ìlà 310, ìyẹn ọmọ 31 lọ́nà ìgbà 10. Bí òpó déètì bá ń fi 45775 hàn yín, ẹ má bẹ̀rù. Bí ṣíìtì ṣe ń ka ọjọ́ nìyẹn, 28 Oṣù Kẹrin 2025 ni. Ẹ yan òpó náà, kí ẹ lọ sí Format, Number, Date. Ibí yìí náà ni ẹ máa rí ìdí tí mo fi ní kí àpótí kankan má ṣófo: SPLIT máa ń fo òfìfo, ìlà tí àmì rẹ̀ kò sí á kúrú, kò sì ní sí ohun tó máa sọ fún yín bóyá ọlidé ni tàbí ẹ gbàgbé ni. FLATTEN kò sí nínú Excel, nítorí náà ẹ gbé fáìlì wá sórí Google Sheets fún ìgbésẹ̀ yìí.

Díẹ̀ lára rẹ̀ rèé:

| Nọ́ńbà | Orúkọ | Déètì | Ìgbà | Àmì |
|---|---|---|---|---|
| 14 | Wale | 2025-04-29 | àárọ̀ | W |
| 14 | Wale | 2025-04-29 | ọ̀sán | K |
| 14 | Wale | 2025-05-01 | àárọ̀ | S |
| 31 | Funmi | 2025-04-28 | àárọ̀ | S |
| 31 | Funmi | 2025-04-30 | àárọ̀ | W |

Ẹ ka W, K, S àti X nínú òpó àmì. Àpapọ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 310. Tiwa ní X méjì, ti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí tíṣà gbàgbé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ ìpín ọmọ tó wá nínú ọgọ́rùn-ún, W ni kó pín fún W àti K nìkan. Kó fi S àti X sẹ́yìn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọmọ tó wọlé lọ́jọ́rú á dà bí ọmọ tó ń sá nílé-ìwé.

Orúkọ ọmọdé àti ọjọ́ tí wọn kò sí nílé-ìwé ló wà nínú fáìlì yìí, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 sì kàn án. Ẹ fi í sí Restricted, kí ẹ kọ ímeèlì ẹni tó yẹ kó rí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní líǹkì tí gbogbo ayé lè ṣí. Ẹ pa fọ́tò rẹ́ kúrò nínú ìjíròrò WhatsApp tí ẹ fi gbà á. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíìtì, kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ kíláàsì àti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, bíi `P4_2025-04-28.jpg`, kí ẹni tó bá ń béèrè nípa F16 lọ́dún tó ń bọ̀ lè ṣí i, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí òdo yẹn.